Igi Tí Kò Lórúkọ

Bí àlejò bá wọ Osi tó ní òun ń wá Ṣítù káfíntà, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ fún un ni pé kó rọra o, ọkùnrin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọn kò purọ́ mọ́ ọn. Bí ẹlòmíràn ṣe ń mí ni Ṣítù ọmọ Olóyèdé ń bínú. A bínú sí ìṣó tó wọ́, a bínú sí pákó tútù tí wọ́n tà fún un bí ẹni pé ó gbẹ, a sì bínú sí onílé tó bá ní kó fi ìṣó kan ṣe iṣẹ́ ìṣó mẹ́ta. Badirat ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ìbínú náà ti mọ́ òun lára, bí ariwo ọkọ̀ ṣe ń mọ́ ẹni tó ń gbé létí títì lára, tí yóò sì sùn lọ nídìí rẹ̀.

Ohun tí wọn kì í sọ fún àlejò ni pé òrùlé tí Ṣítù bá kàn kì í ṣí. Láti Osi dé Koro, láti Koro dé Ìlọfà, bí ìjì bá jà mọ́jú, tí páànù ẹlòmíràn wà nínú oko, páànù Ṣítù a wà lórí ilé tó fi í sí. Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí òun náà kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ kì í bá tírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo jà nínú àwọn tó gbé òrùlé ró, gbogbo wọn ló máa ń dojú ìjà kọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kí wọ́n so ọwọ́ gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ṣítù gbé padà wá sílé, pẹ̀lú ayùn méjì àti ìwà ọ̀gá rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí ohùn rẹ̀ máa ń pa iná ìbínú yìí. Munawwarah ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rá kòrò, ẹ̀yìn Ṣítù ló sì gbé dàgbà, débi pé ìgbà tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, ṣe ni ọmọ náà dá ibà. Ó ti di ìyá ọmọ báyìí, ó ń ta àgbàdo gbígbẹ àti ẹ̀wà lọ́jà Osi, ó sì lẹ́rìn-ín lẹ́nu tó tó ti ẹni méjì. Ó jọ pé òun ló gba ìpín ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Oòrùn ló ń pa wọ́n lọ́jà yẹn. Bí òjò bá sì dé, àgbàdo tí wọ́n sá fún ọ̀sẹ̀ kan á tún rin. Ìlú wá pinnu pé àwọn yóò kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì ńlá kan, olópòó, tí kò ní ògiri, tí gbogbo obìnrin ọjà yóò lè jókòó sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi Alàgbà Adégbìtẹ́ ṣe alága iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ akógi ni Alàgbà yìí ń wà káàkiri kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ ènìyàn í bá sọ̀rọ̀. Òun ló mú àbá náà wá níwájú ààfin pé kí agbolé kọ̀ọ̀kan fi tírọ́ọ̀sì kan ta ìlú lọ́rẹ, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ baba agbolé náà gàdàgbà sí igi ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ-ọmọ lè gbójú sókè kó kà á.

Tírọ́ọ̀sì ni ohun onígun mẹ́ta tí káfíntà ń kàn pọ̀ nílẹ̀, tí yóò gbé lé òpó méjì kí òrùlé lè rí ibi gùn. Igi méjì ló dà gẹ̀rẹ̀ láti òkè, igi gígùn kan dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, àwọn kéékèèké sì ń gbé wọn ró láàárín. Ó dùn-ún wò. Ó dára fún orúkọ. Áà, ẹ kò rí bí ìlú ṣe dìde. Mùsùlùmí dìde, Kìrìsìtẹ́nì dìde, agbolé tí wọn kì í kí ara wọn ní òwúrọ̀ ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn ọmọ tó wà ní Ìlọrin àti Èkó ń fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ti baba àwọn gbẹ̀yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ni gbogbo ẹnu ń wí.

Ṣítù ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó wo gbogbo rẹ̀, ó ní tírọ́ọ̀sì ti pé, ó ku bíréèsì. Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní igi tí yóò so tírọ́ọ̀sì mọ́ tírọ́ọ̀sì ni, àwọn kan ní gbọọrọ lórí igi ìsàlẹ̀, àwọn kan ní ìdábùú, tí yóò fi orí sókè tí yóò fi ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, láti inú èyí bọ́ sínú ìkejì. Alàgbà Adégbìtẹ́ béèrè pé agbolé wo ni yóò fi bíréèsì ta ìlú lọ́rẹ. Àwọn tó ti ń pariwo láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn.

Ta ni yóò fi igi tí kò lórúkọ ta ọrẹ? Igi tó sá pamọ́ sínú òrùlé, tó tín-ínrín, tí kò ní iwájú, tí kò ní ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni kò ní tọ́ka sí pé ti bàbá mi nìyí?

Alàgbà ní kí wọ́n má dààmú, pọ́lìn wà, àwọn igi tí wọ́n ń kan páànù mọ́, òun ni yóò so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí Ṣítù. Ó mú igi wẹ́wẹ́ mẹ́rin nílẹ̀, ó kàn wọ́n ní igun mẹ́rin bí ẹnu ọ̀nà ọgbà ewúrẹ́, ìṣó kan ní igun kan, ó fi ọwọ́ tì í. Gbogbo rẹ̀ wọ́ sápá kan. Igi kankan kò ṣẹ́, ìṣó kankan kò yọ, síbẹ̀ ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó gbé e dìde, ó kan igi kan ní ìdábùú láti igun dé igun, ó tún tì í. Kò mira. Ó ní ohun tí pọ́lìn nìkan yóò ṣe nìyẹn: yóò mú kí àlàfo àárín wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ń wó, gbogbo wọn ni yóò bá a wó lọ sápá kan náà, pẹ̀lú pọ́lìn lórí wọn. Ó ní tírọ́ọ̀sì lágbára bí a bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ẹ kó àpò àgbàdo lé e, kò ní rojọ́. Láti ẹ̀gbẹ́ ni kò ti ní agbára kankan, ọmọdé lè tì í ṣubú. Ó ní ṣẹ́ẹ̀dì tí kò ní ògiri tún burú jùyẹn lọ, nítorí afẹ́fẹ́ yóò wọ abẹ́ rẹ̀ yóò sì máa gbé e sókè. Nígbà náà, igi ìsàlẹ̀ tó ti ń nà tẹ́lẹ̀ bí okùn yóò wá di èyí tí wọ́n ń tì láti orí méjèèjì, igi gígùn tí wọ́n bá sì tì bẹ́ẹ̀, tí nǹkan kan kò dì í mú láàárín, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń tẹ̀ sí.

Alàgbà Adégbìtẹ́ kò ṣe òmùgọ̀. Ó ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kó gẹdú rí, ó mọ ohun tí igi tí a kò so mọ́ra ń ṣe. Ó fa Ṣítù sẹ́yìn ilé, ó sọ òótọ́ fún un pé òye ọ̀rọ̀ náà yé òun, ẹni tí yóò gbé e ni òun kò rí. Bí òun bá ní kí agbolé kan gbé bíréèsì, wọn yóò ní òun rẹ́ wọn jẹ láàárín ìlú.

Ṣítù gbé ọ̀rọ̀ náà dé agbolé tirẹ̀. Ó bẹ Bàbá Naheem, àbúrò bàbá rẹ̀ tó kù tó jẹ́ olórí ilé, pé kí wọ́n jẹ́ kí agbolé Olóyèdé yàtọ̀, kí wọ́n fi owó tírọ́ọ̀sì tiwọn ra bíréèsì.

"Ulé wa nìkan ni yóò wá wà lóko?" ni Bàbá Naheem wí. "Kí àn máa ka orúkọ gbogbo ùlú, kí àn má rí ti bàbá rẹ? Ìwọ ọmọ rẹ̀ lo tún ń kan ugi náà. Ojú ò tì ọ́?"

Ojú tì í lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà ńbẹ̀: Ṣítù kò jà á títí. Ọjọ́ tí ẹni tó ń kun ọ̀dà kọ OLÓYÈDÉ sára igi, pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ búlúù, ó dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́, inú rẹ̀ sì dùn. Bàbá rẹ̀ kò ní ilé olókè kan láyé rẹ̀, oko iṣu ló fi dàgbà tó fi kú. Orúkọ rẹ̀ wá wà lókè ọjà báyìí. Inú ta ni kò ní dùn?

Ṣùgbọ́n kò lè fi ṣẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn pákó tí àwọn bíríkìlà fi ṣe pẹpẹ nígbà tí wọ́n ń da òpó, pákó àlòkù tí sìmẹ́ǹtì ti yí lára, ó kàn wọ́n ní ìdábùú láti ìsàlẹ̀ tírọ́ọ̀sì kan dé òkè ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí, ó sì tún kan àwọn mìíràn ní gbọọrọ. Wọn kò dọ́gba, wọn kò dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í, kò mira. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan páànù lé e. Ó ní bí ìlú bá rí bíréèsì gidi rà lẹ́yìn ọ̀la, òun yóò pààrọ̀ wọn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá iṣẹ́ lọ sí Ìlọfà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fẹ́ ṣí ṣẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, àwọn àgbà wá wò ó. Wọ́n gbójú sókè láti ka orúkọ, wọn kò rí orúkọ kà. Àwọn pákó ìdọ̀tí yìí ti dábùú gba ojú wọn kọjá, ọ̀kan sì gba àárín OLÓYÈDÉ kọjá gan-an, ó bo ẹ̀yà orúkọ mọ́lẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ pariwo? Bàbá Naheem ni. Ó ní wọ́n fi pákó bíríkìlà gún ẹ̀gbọ́n òun lójú. Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo agbolé yòókù náà rí ohun tó ń dùn wọ́n. Alàgbà Adégbìtẹ́ gbìyànjú, ó ní ẹ jẹ́ kí Ṣítù dé. Wọ́n ní Ṣítù kọ́ ló ni ìlú. Alàgbà sì gbà. Àwọn lébìrà gun òkè pẹ̀lú irin, wọ́n tu gbogbo bíréèsì, wọ́n jù wọ́n sílẹ̀. Orúkọ hàn kedere.

Àárọ̀ ọjọ́ ìṣílé ni Ṣítù tó dé. Ó gbójú sókè kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ó béèrè pé pákó òun dà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: wọ́n tọ́ka sí ìdí àwọn agbada ńlá tí wọ́n fi ń se ẹran ìṣílé. Ó ṣẹ́ ku ọ̀kan tí iná kò tíì jẹ tán, ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó ti pọ́n kuku bí ẹyín iná.

Ṣítù bú wọn. Ó bú alága, ó bú àwọn lébìrà, ó bú àwọn tó ń sebẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sábẹ́ ilé yẹn. Ó ní tírọ́ọ̀sì tó dúró lókè yẹn kò yàtọ̀ sí àwọn ọ̀mùtí tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ẹni tó ti bínú sí ìṣó, tó ti bínú sí pákó, tó ti bínú sí àkùkọ aládùúgbò rẹ̀ pé ó ń kọ jù, ó tún ń bínú lọ́jọ́ ìṣílé. Ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ ìbínú yìí àti ti àná? Wọ́n ní ẹ wò ó, Ṣítù ti tún bẹ̀rẹ̀.

Munawwarah ló fà á lọ́wọ́ kúrò. Ó ti wọ aṣọ tuntun, ó ti yan ibi tí yóò máa jókòó, lábẹ́ páànù àkọ́kọ́ níhà ìlà oòrùn, ibi tí ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yóò ti kọ́kọ́ rí ọjà rẹ̀. Ó rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, lónìí nìkan, kó jẹ́ kí inú òun dùn. Ṣítù wò ó. Iná náà kú gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀. Ó ní òun yóò ra igi fúnra òun, òun yóò gòkè kàn wọ́n padà láìdúró de ìlú kankan, ṣùgbọ́n kó ṣèlérí pé kò ní jókòó síbẹ̀ títí òun yóò fi ṣe tán. Munawwarah ṣèlérí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣèlérí náà.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e ni ìjì wá. Ṣítù wà ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin níbi tó ti lọ ra igi, wọ́n ń dì í sórí ọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú níhà ìlà oòrùn. Àkọ́rọ̀ òjò ni, ìjì rẹ̀ sì máa ń ṣáájú omi. Ó ní kí awakọ̀ máa sáré. Awakọ̀ ní kó sinmi, òjò ni, kì í ṣe ogun.

Àwọn tó wà lọ́jà ló sọ ìyókù. Munawwarah kò jókòó sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó tẹ́ ọjà rẹ̀ sínú oòrùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tí àgbàdo fẹ́ rin, níbo ni ẹni tó ní àgbàdo yóò gbé e sá sí? Ìdí rẹ̀ gan-an tí wọ́n fi kọ́ ilé náà nìyẹn. Ó gbé àpò rẹ̀ wọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gbogbo ọjà.

Afẹ́fẹ́ kọ lu orí ilé níhà ìlà oòrùn, níbi tí wọ́n ti fi páànù dí ojú onígun mẹ́ta rẹ̀ lókè. Tírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tẹ̀. Kò sí ohun tó dì í mú ju pọ́lìn lọ, pọ́lìn sì tì í sí ìkejì, ìkejì tì í sí ìkẹta. Ìbídùnní tó ń ta gààrí ní òun gbójú sókè, òun rí i pé gbogbo orúkọ tó wà lókè ń rìn. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà sọ ọ́. Gbogbo wọn wó lọ sápá kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n já kúrò lórí òpó, páànù tẹ̀lé wọn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sá jáde. Munawwarah tẹ̀ bá àpò rẹ̀, ó fẹ́ fà á.

Ṣítù dé bá àwọn òpó lórí ìdúró bí eyín tó ṣẹ́ kù lẹ́nu àgbà. Òpó kankan kò wó. Ohun tó sì mú un já sí igbe ìbínú tí àwọn tó wà níbẹ̀ kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú tírọ́ọ̀sì kò ṣẹ́. Wọ́n dùbúlẹ̀ léra wọn, odindi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan rọra tò wọ́n. Wọ́n ń fi igi gbé ọ̀kan kúrò lórí ẹsẹ̀ Munawwarah. Apá tí orúkọ wà ti dojú kọlẹ̀. Ṣítù kò yí i padà kó mọ agbolé tó ni ín.

Ní Òmù-Àrán, àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Bàbá Naheem kò lè wọlé wá wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀síbáà.

Nígbà tí wọ́n padà pe ìpàdé níwájú ààfin, Munawwarah ti padà wálé. Ṣítù ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó débẹ̀. Àwọn kan ní ilé tí Ṣítù kàn wó, wọn kò fi kún un, wọn kò yọ kúrò. Èyí nìkan tó láti pa káfíntà láàyè; àwọn onílé Ìlọfà méjì ti ní kó dá iṣẹ́ àwọn dúró ná. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ọjà ló ń bínú. Ìpàdé sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, àwọn àdúrà gígùn, Bàbá Naheem ló dìde lẹ́yìn wọn, tó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ohun tí Ọlọ́run bá kọ, ẹ̀dá kò lè pa á rẹ́, pé kádàrá ni, kí gbogbo wọn fara mọ́ ọn.

Ṣítù dìde. Àwọn ènìyàn múra sílẹ̀ fún ariwo, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti sún mọ́ ọn.

"Bàbá, Ọlọ́run kọ́ ló mú urin gun òkè. Ọlọ́run kọ́ ló ní kí àn tu ugi kí orúkọ lè hàn. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wí i, gbogbo ulé sì gbè yín. Èmi náà nípìn-ín níbẹ̀, mo wo orúkọ bàbá mi lókè, mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ má fi uṣẹ́ ọwọ́ wa ránṣẹ́ sí Ọlọ́run mọ́. Ẹ gbà á mọ́ra yín."

Ìbínú tí kò láriwo le ju èyí tí wọ́n mọ̀ lọ.

Alàgbà Adégbìtẹ́ ló sọ̀rọ̀ tí ara fi rọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ló pàṣẹ, òun kò sì ní sá. Ó ní tírọ́ọ̀sì púpọ̀ ṣì dá ṣáká, kí wọ́n gbé wọn padà sókè, kí orúkọ wọn wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó wá ní ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, bíréèsì gbọ́dọ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó kan páànù. Ó ní igi tí Ṣítù rà ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin lọ́jọ́ burúkú yẹn wà nílẹ̀, ó tó fún ìlà kan péré. Agbolé wo ni yóò gbé ìyókù?

Àbí ẹ rò pé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wọn? Wọ́n dákẹ́. Mo ní wọ́n dákẹ́. Obìnrin kan ti fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ní Òmù-Àrán, wọ́n sì tún ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè bóyá wọn kò lè kan àwọn igi náà sí ibi tí wọn kò ti ní bo orúkọ. Ṣítù mú fìlà rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ, ó ti rò ó pé bí òun bá tún dúró, òun yóò gbá ẹnì kan létí.

Munawwarah ló dá a dúró. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ti fìdí mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àwọn obìnrin, ọ̀pá abíyá rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ó fi wọ́n gbé ara rẹ̀ dìde, ó gba tó àkókò, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ojú òun wà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun mú ọ̀kan wá nínú igi tó ti rà, kí ó sì bá òun kọ orúkọ sí i.

Ṣítù béèrè pé orúkọ ta ni.

"Tèmi."

Bàbá Naheem hú ikọ́. Ó ń wojú ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: pé orúkọ àwọn baba agbolé ni wọ́n ń kọ sókè ilé yẹn, wọn kì í kọ orúkọ obìnrin, wọn kì í kọ ti alààyè, àti pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ohun kan ló fi ta ùlú lọ́rẹ. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ni Munawwarah fi ta ùlú lọ́rẹ?

"Ẹsẹ̀ mi," ni Munawwarah wí.

Ṣítù gbé igi náà wá. Ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó gígùn níwájú àwọn àgbà, ó ṣí agolo ọ̀dà, ó sì fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó má bàa ṣì í. Ibi tí igi náà yóò ti dábùú gba orí OLÓYÈDÉ kọjá gan-an ló kọ orúkọ Munawwarah sí.